Bánà ẹsẹ̀ bàtà 10, áàpù tó dúró ní 4096: bí mo ṣe gé iṣẹ́ sí mẹ́fà lóru ọjọ́ kan

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo tẹ `Export`. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti tán. Bánà fílẹ́ẹ̀sì ni, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gíga, fún màmá kan tó ń kó gààrí wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun ní Sábó, ní Ṣàgámù níbí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bọ̀dá tó máa tẹ̀ ẹ́ ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Aago mẹ́fà ni mo máa tan jẹnẹrétọ̀. Bí fáìlì rẹ ò bá tíì wọlé nígbà yẹn, iṣẹ́ ẹlòmíì ni màá gbé sórí ẹ̀rọ, tìẹ á di ọ̀sán." Màmá ti san ìdajì owó. Wọ́n ti pe àlejò fún aago mẹ́wàá.

Ohun tí áàpù náà kọ sójú fóònù mi nìyí:

```
Maximum export size: 4096 × 4096 px
```

Mo tún un tẹ̀, ohun kan náà ló tún kọ. Fáìlì tó gbé jáde fún mi fẹ̀ ní píksẹ́lì 4096, ó ga ní 2048. Mo fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fèsì: "Àbúrò, èyí kéré. 100 ni mò ń tẹ̀. Tún un ṣe."

Mò ń kọ ohun tí mo ṣe láti ìgbà náà títí di aago méjì òru sílẹ̀ síbí, bó ṣe tẹ̀ léra, torí àwa tí à ń fi fóònù àti áàpù ọ̀fẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ gíráfíìkì pọ̀, ìdènà yìí kì í sì í yọjú nígbà tí èèyàn bá ń ya iṣẹ́. Áàpù á gbà kí ẹ ya bánà tó fẹ̀ tó ojú ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde ló máa tó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

## Ẹ kọ́kọ́ ṣírò

100 tí bọ̀dá ń sọ ni iye píksẹ́lì tó gbọ́dọ̀ wà nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan bánà. Íńṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà bánà mi jẹ́ íńṣì 120 ní ìbú, 60 ní gíga. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 100, fáìlì tí wọ́n ń béèrè jẹ́ píksẹ́lì 12,000 sí 6,000. Ti ọwọ́ mi ńkọ́? 4096 tí a pín sí íńṣì 120 kò ju 34 lọ nínú íńṣì kan.

Ṣé 34 burú? Ibi tí èèyàn máa dúró sí wo bánà ló máa sọ. Ìṣirò kan wà tí mo máa ń lò, tó dá lé bí ojú tó dá ṣáká ṣe lè rí ohun kékeré mọ: ẹ fi iye píksẹ́lì inú íńṣì kan pín 3,438, iye íńṣì tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi jìnnà kí ojú rẹ̀ tó dẹ́kun rírí píksẹ́lì lẹ́yọ lẹ́yọ lẹ máa rí. 3,438 tí a fi 34 pín jẹ́ 101, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 8 àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni bánà yẹn ń lọ, tàbí òdìkejì títì márosẹ̀, ǹ bá bẹ bọ̀dá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ǹ bá sì lọ sùn. Ojúlówó ìmọ̀ràn ni mo ń fún yín: ẹ má fi òru ṣòfò lórí bánà tí ẹnikẹ́ni kò ní sún mọ́.

Ti ìsọ̀ yìí yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa kàn án mọ́, ní ìwọ̀n ojú èèyàn, ẹni tó bá ń ra gààrí á sì dúró sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síbẹ̀. Fọ́tò gààrí nínú ọpọ́n ló gba apá òsì bánà náà. Màmá ti sọ fún mi nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà pé, "Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó gbẹ. Gààrí Ìjẹ̀bú ni, kì í ṣe èyíkéyìí." Mo fẹ fáìlì 4096 yẹn lójú, mo wo gààrí náà. Gbogbo ẹyọ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n ti bu omi gbígbóná lé e lórí. Lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé gbígbẹ àti kíkúnná ọjà rẹ̀ ni ìyì rẹ̀, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń ba ọjà jẹ́ ni.

Kí ló dé tí áàpù fi dúró ní 4096? Kí fóònù tó gbé àwòrán jáde, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 4. Ojú ìwé 4096 sí 4096 ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 báìtì. Bánà mi tó jẹ́ 12,000 sí 6,000 á gba mílíọ̀nù 288. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní rí àyè bẹ́ẹ̀ fún áàpù kan ṣoṣo, áàpù á kàn kú lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi ààlà sí i. Nígbà tí èyí yé mi ni ara mi tó rọlẹ̀ díẹ̀, torí pé ojú ìwé kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ààlà náà dè. Kò de iye ojú ìwé tí mo lè gbé jáde. Mo lè gé bánà náà sí ojú ìwé mélòó kan, kí n sì so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà.

## Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ dán PDF wò

Ààlà píksẹ́lì kì í sábà kan PDF, nítorí pé PDF lè gbé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ìlà tí kò ní píksẹ́lì rárá. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ lè fẹ̀ ẹ́ tó ilé, etí rẹ̀ á mú síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kìkì lẹ́tà àti àwọ̀ ló wà lórí bánà yín, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yín parí síbí.

Ẹ gbé PDF jáde, ẹ ṣí i, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 800%. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ kọrọdọ, bíi O tàbí G. Bí ó bá dán, ìlà ni. Bí ẹ bá rí àtẹ̀gùn kéékèèké lára rẹ̀, áàpù ti sọ lẹ́tà náà di àwòrán, PDF yẹn kò sì sàn ju PNG lọ. Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni òjìji tí a fi sí ẹ̀yìn lẹ́tà, tàbí àwọ̀ tí a jẹ́ kí ó mọ́ gaara. Ẹ yọ òjìji náà, ẹ tún gbé e jáde, ẹ tún wò ó.

Mo yọ ti orúkọ ìsọ̀, lẹ́tà náà sì dán bí abẹ. Àmọ́ gààrí ṣì lẹ̀ mọ́ra, torí pé PDF ọ̀fẹ́ áàpù náà ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e jáde. Mo bi bọ̀dá bóyá wọ́n lè gba PDF fún lẹ́tà, kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n fi í sáàyè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ọmọ tó ń ṣe ìyẹn ti lọ sílé, pé fáìlì tó ti pé ni àwọn máa gbé sórí ẹ̀rọ. Ó tọ́ kí ẹ béèrè ìbéèrè yẹn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti bọ́.

## Fọ́tò tó wà nínú iṣẹ́ ńkọ́?

Ibí yìí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti fi gbogbo òru náà ṣòfò. Bí mo bá gé iṣẹ́ náà, tí mo sì so ó pọ̀ di 12,000, kò sí àǹfààní kankan bí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ bá kéré. Mo lọ wo fọ́tò gààrí náà nínú fóònù: 1600 sí 1200. Orí Wásáàpù ni mo ti gbà á, Wásáàpù sì máa ń fún fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lásán kí ó lè yára lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni fọ́tò náà fẹ̀ lórí bánà, íńṣì 48. 1600 pín sí 48 jẹ́ 33. Ó wá yé mi pé kì í ṣe áàpù nìkan ló po gààrí màmá.

Mo pe màmá. Aago mẹ́wàá ti lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo pè yín lálẹ́. Fọ́tò gààrí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ bá mi tún un fi ránṣẹ́. Kì í ṣe bíi fọ́tò o, bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni." Ọmọ wọn ló bá wọn ṣe é: ẹni náà á tẹ àmì tí wọ́n fi ń so fáìlì mọ́ ìfiránṣẹ́, á yan `Document` dípò ibi fọ́tò, á sì mú fọ́tò náà látibẹ̀. Èyí tó dé jẹ́ 4000 sí 3000, bí kámẹ́rà ṣe yà á. 4000 pín sí 48 jẹ́ 83. Kò pé 100, ṣùgbọ́n lórí fọ́tò, 83 tó láti fi ẹyọ gààrí hàn. Mo fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

## Gígé sí mẹ́fà

Ẹ wá iye ojú ìwé tí iṣẹ́ yín máa gbà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má kọjá ààlà. 12,000 kò lè wọ inú 4096 méjì, ó wọ inú mẹ́ta: 4000 lọ́nà mẹ́ta. 6,000 wọ inú méjì: 3000 lọ́nà méjì. Ojú ìwé mẹ́fà nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4000 sí 3000. Ẹ yan iye tó pín dọ́gba tí kò ní ẹyọ lẹ́yìn, ẹ má fi agídí lo 4096 gan-an.

Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà kí ojúlówó má bàa bàjẹ́. Nínú ẹ̀dà yẹn, ẹ mú gbogbo nǹkan tó wà lórí bánà, títí kan àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ `Group` kí wọ́n di ọ̀kan. Iṣẹ́ tèmi jẹ́ 4000 sí 2000 nígbà tí mò ń yà á, nítorí náà mo sọ `W` di 12000, `H` sì di 6000, ìlọ́po mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ó máa yọ jáde kọjá ojú ìwé, kò burú. Ẹ wá ṣe ojú ìwé mẹ́fà oní 4000 sí 3000, ẹ lẹ odidi iṣẹ́ yẹn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sún un kí apá tó yẹ wà lójú ìwé:

```
1:  X 0       Y 0
2:  X -4000   Y 0
3:  X -8000   Y 0
4:  X 0       Y -3000
5:  X -4000   Y -3000
6:  X -8000   Y -3000
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sínú àpótí `X` àti `Y`. Ẹ má fi ìka fà á. Ìka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 8000 àti 8000.5, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.

Nǹkan méjì ló máa ń yí padà nígbà tí a bá fẹ iṣẹ́ báyìí, tí ojú kì í tètè rí. Òjìji àti ìlà tó yí lẹ́tà ká lè má fẹ̀ pẹ̀lú ìyókù: òjìji tó jẹ́ 12 á ṣì jẹ́ 12 nígbà tó yẹ kó ti di 36, á wá tín-ín-rín bí okùn. Bákan náà, gbólóhùn tó wà lórí ìlà kan lè já sí méjì. Ẹ gbé ojúlówó iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà, ẹ fi wé ara wọn. Mo tún lo àǹfààní yẹn láti gbé nọ́ńbà fóònù màmá kúrò létí bánà, torí pé bọ̀dá máa ń ká etí fílẹ́ẹ̀sì wọlé kí wọ́n tó lu ihò okùn sí i. Íńṣì 2, ìyẹn píksẹ́lì 200, ni mo fi sílẹ̀ yí ká.

Mo gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde ní PNG, mo sì sọ wọ́n ní `1.png` títí dé `6.png`.

## Síso pọ̀

Fóònù tí kò lè gbé 12,000 jáde kò ní lè so ó pọ̀. Ẹ nílò láptọ́ọ̀pù fún ibí yìí. Kọ́pà kan ń gbé yàrá kejì sí tiwa ní Mákùn. Aago mọ́kànlá kọjá nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú." Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù náà fún mi láì béèrè ohunkóhun. Iná ti lọ nígbà yẹn, bátìrì rẹ̀ sì ku díẹ̀ kó dé ìdajì, ìdí tí mo fi yan ọ̀nà tó yá jù nìyẹn.

Mo fi ImageMagick sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo kó fáìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú fódà kan, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ nínú fódà náà, mo tẹ èyí:

```
magick montage 1.png 2.png 3.png 4.png 5.png 6.png -tile 3x2 -geometry +0+0 gaari.png
```

`3x2` ló ń sọ pé mẹ́ta ní ìbú, méjì ní gíga. `+0+0` ló ń sọ pé kó má fi àyè kankan sáàárín wọn. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí bí kò bá sí níbẹ̀, á sọ àwòrán yín di kékeré, á sì fi àlàfo sáàárín. Bí ẹni tó ń kàwé ló ṣe ń tò wọ́n, láti òsì sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà ìlà kejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í bí ó ṣe tóbi tó:

```
magick identify gaari.png
```

Mo rí `12000x6000`. Mo mí kanlẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ lè ṣí ojú ìwé 12,000 sí 6,000 nínú GIMP, kó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé, kó sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàyè rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tèmi lọ, ibì kan náà ló ń dé.

## Ojú ìsopọ̀

Ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ fẹ àwòrán náà dé 100%, ẹ tọ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé láti òkè dé ilẹ̀: 4000 àti 8000 ní ìbú, 3000 ní gíga. Ẹ tún wo etí bánà náà yí ká. Ohun tí ẹ ń wá ni ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn aláǹtakùn.

Tèmi ní in. Ní etí ọ̀tún ojú ìwé kẹta, ìlà funfun kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé bánà náà, kò ju píksẹ́lì kan lọ. Mo padà sínú fóònù, mo wo ojú ìwé kẹta: `X -8000.5`. Ìka mi ti kàn án nígbà tí mò ń yí ojú ìwé padà. Ìdajì píksẹ́lì yẹn kò ní àwọ̀ tó pé, ó gba funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láàyè. Mo tún nọ́ńbà náà tẹ̀, mo gbé ojú ìwé kẹta nìkan jáde, mo tún àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀. Ìlà náà lọ.

Bó bá jẹ́ pé ibi tí òjìji ti kọjá ojú ìsopọ̀ lẹ ti rí àmì, ìyẹn yàtọ̀. Áàpù máa ń ṣírò òjìji lójú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò ka ohun tó wà níta ojú ìwé sí. Nọ́ńbà tó tọ́ kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yọ òjìji, tàbí kí ẹ sún ohun tó ni òjìji náà kúrò lójú ìsopọ̀.

Láptọ́ọ̀pù kọ́pà náà jẹ́ íńṣì 15.6, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1366 sí 768. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ní píksẹ́lì bíi 100 nínú íńṣì kan, bíi ti bánà mi gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé bí mo bá wo iṣẹ́ náà ní 100%, bó ṣe máa tóbi tó lára ògiri ni mò ń rí. Mo wo ọpọ́n gààrí. Mo lè ka ẹyọ. Mo sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, níbi tí oníbàárà máa dúró sí, ó ṣì gbẹ síbẹ̀.

## Fífi ránṣẹ́

PNG náà wúwo, nítorí náà mo sọ ọ́ di JPG, mo sì kọ 100 náà sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ bọ̀dá lè mọ̀ pé íńṣì 120 ni:

```
magick gaari.png -units PixelsPerInch -density 100 -quality 95 gaari.jpg
```

Mo fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ bíi fọ́tò ni mo fi ránṣẹ́, Wásáàpù á tún fún un pọ̀, gbogbo òru yẹn á sì di asán. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo kọ ìwọ̀n sábẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 5, 100. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni bọ̀dá fèsì: "Ó ti wọlé. Ó dáa."

Láti ọjọ́ náà, kí n tó gba owó ẹnikẹ́ni fún bánà, mo máa ń ṣí ojú ìwé òfìfo ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, mo máa ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo kùn ún, mo sì máa ń tẹ `Export`. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo wá máa ń wo ìwọ̀n fáìlì tó jáde gan-an, torí pé àwọn áàpù kan kì í kìlọ̀, wọ́n kàn máa ń dín iṣẹ́ kù láì sọ̀rọ̀. Bó bá kéré, mo ti mọ̀ pé gígé ni, mo sì máa ń ya iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ láì jẹ́ kí lẹ́tà tàbí ojú èèyàn bọ́ sórí ibi tí ìsopọ̀ máa wà.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n kan bánà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Màmá jáde wá, wọ́n fi ìka wọn kan ọpọ́n gààrí lára fílẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n sì fi ìka méjì ra ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá gààrí gbẹ.